Ìka mẹ́rin lórí èjìká bàbá

Àṣàkẹ́ Onítàn
Ẹ kú ilé o. Mo kọ ìtàn kékeré kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó. Ràṣídì ni mo pe ọmọkùnrin inú rẹ̀, ó ń tún fọ́tò ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣómólú. Àǹtí kan wá bá a láti Ìsàlẹ̀ Èkó pẹ̀lú fọ́tò ẹbí wọn tí wọ́n yà ní 1974. Bàbá jókòó láàárín nínú agbádá funfun, ìyálé wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ìyàwó kejì lápá òsì, ó gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá. Ọmọ márùn-ún yí wọn ká, ọ̀kan nínú wọn fara ti orúnkún ìyàwó kejì. Àǹtí yìí ní ìrántí bàbá àwọn ń bọ̀, kí Ràṣídì yọ ìyàwó kejì kúrò kí àwọn lè tẹ fọ́tò náà sórí kàlẹ́ńdà àti fúlẹ́sì. Bí mo ṣe parí rẹ̀ nìyí:

"Ràṣídì fi máòsì pa obìnrin náà rẹ́ láti orí gèlè títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ó mọ́ tónítóní. Kí aago mẹ́jọ alẹ́ tó lù, ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí Àǹtí gbé fọ́tò sún mọ́ iná, ó pariwo. Ìka mẹ́rin ṣì wà lórí èjìká bàbá rẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi tó kà á ní irọ́ gbáà ni, pé kò sí oníṣẹ́ tó lè gbàgbé ìka mẹ́rin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ṣé irọ́ ni?

Bọ̀dé Kíákíá
Ìka kọ́ ni irọ́ ibẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó ni. Kí ló ń ṣe títí di aago mẹ́jọ alẹ́? Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹ fi Lasso yí obìnrin náà ká, ẹ lọ sí Edit, ẹ tẹ Content-Aware Fill, ó tán. Láti 2010 ni irú rẹ̀ ti wà nínú Fótóṣọ́ọ̀pù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi yọ òpó iná kan kúrò lẹ́yìn ìyàwó tí a yà létí òkun. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ò ní mọ̀ pé òpó kankan dúró níbẹ̀ rí.

Mọ́mì Bàríga
Ẹ jọ̀ọ́, èló ni Ràṣídì ń gbà? Mo ní fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi níbí, ọkọ tó já a sílẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ẹ bá mi fi nọ́ńbà rẹ̀ síbí.

Àṣàkẹ́ Onítàn
Mọ́mì, inú ìtàn ni Ràṣídì ń gbé. Èmi ni mo dá a sílẹ̀.

Mọ́mì Bàríga
Háà! Ẹ sì kọ Ṣómólú síbẹ̀ gàgà.

Bàbá Fọ́tò Ṣómólú
Àṣàkẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ yín rí irọ́ kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó tóbi jù. "Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ yọ." Ògiri wo? Kámẹ́rà ò fojú kan ògiri yẹn rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà, ara obìnrin yẹn ló dí i. Fọ́tò kì í ṣe aṣọ méjì tí wọ́n sá síwájú ara wọn, tẹ́ ẹ bá ká ti iwájú kí ti ẹ̀yìn hàn. Ibi tẹ́ ẹ bá ti pa á rẹ́, ihò ló máa kù. Ohunkóhun tó bá tún wà níbẹ̀ lẹ́yìn náà, Ràṣídì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. "Ẹ kàn bá mi yọ ọ́" ni gbogbo oníbàárà máa ń wí. Kò sí ẹni tó tíì sọ fún mi rí pé "ẹ bá mi ya nǹkan tó wà lẹ́yìn rẹ̀", bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó ìyẹn gan-an ni wọ́n ń san.

Bọ̀dé Kíákíá
Bàbá, ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gbé wa lọ. Èmi kọ́ ni mo ń yà á, ẹ̀rọ ni. Ó mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Bàbá Fọ́tò Ṣómólú
Bọ̀dé, kò mọ nǹkan kan. Ó ń yá nǹkan ni. Á wo ibòmíràn nínú fọ́tò kan náà, á bù díẹ̀ níbẹ̀, á fi dí ihò. Lẹ́yìn òpó iná tìrẹ, ojú ọ̀run ló wà lápá ọ̀tún, ojú ọ̀run náà ló wà lápá òsì. Kí ló fẹ́ ṣì bù? Ìyàwó kejì yìí ńkọ́? Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, aṣọ sítúdíò wà lókè, ilẹ̀ wà nísàlẹ̀. Mo ti dán tìrẹ yẹn wò lórí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ó gbé etí ọmọ kan lé apá agbádá, ó sì hun ìdajì gèlè mọ́ ẹsẹ̀ àga. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ṣì máa ń lò ó o, fún ibi kékeré lára aṣọ ẹ̀yìn tí kò ní nǹkan kan lára.

Àṣàkẹ́ Onítàn
Bàbá, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, kí ni Ràṣídì ì bá ti ṣe? Mo lè tún un kọ.

Bàbá Fọ́tò Ṣómólú
Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kó kọ́kọ́ síkáànù rẹ̀ dáadáa. Fọ́tò ínṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ, 600 dpi ni èmi máa fi gbé e wọlé. Èyí tó gbé wọlé yẹn, kò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan lé e lórí títí ayé. Orí léyà tuntun ni kí iṣẹ́ wà, kí fọ́tò àtijọ́ máa sùn nísàlẹ̀ ní odindi.

Lẹ́yìn náà kó bi Àǹtí yẹn pé, "Ṣé ẹ ní òmíràn tí wọ́n yà lọ́jọ́ kan náà?" Ìbéèrè yìí máa ń gbà mí lọ́wọ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko. Bí wọ́n bá ní ọ̀kan tí bàbá dá jókòó, ẹ̀gbẹ́ òsì agbádá ti dé nìyẹn, ibẹ̀ ni mo ti máa yá a.

Bí wọn ò bá ní, wàhálà dé. Obìnrin náà ló bo ẹ̀gbẹ́ òsì bàbá. Ọmọṣẹ́ á ní kò le, pé ká gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ká dojú rẹ̀ kọ òdìkejì, ká gbé e sí òsì. Agbádá ò gba bẹ́ẹ̀. Àpò tí wọ́n kó iṣẹ́ sí lára, òsì àyà ló máa ń wà. Tẹ́ ẹ bá gbé ti ọ̀tún síbẹ̀, àpò á pòórá, ẹni tó bá sì ti wọ agbádá rí á mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe aṣọ yẹn, kódà bí kò bá lè tọ́ka sí i. Iná náà tún ń bẹ. Bí gílóòbù bá wà lápá ọ̀tún bàbá nígbà tí wọ́n ń yà á, ọ̀tún ló máa mọ́lẹ̀, òsì á ṣókùnkùn. Dojú rẹ̀ kọ òdìkejì, ó ti di pé oòrùn méjì ń ràn nínú yàrá kan. Díẹ̀díẹ̀ ni Ràṣídì máa fi Clone Stamp, irinṣẹ́ tó ń bu ibì kan nínú fọ́tò lọ sí ibòmíràn, hun aṣọ náà, láti etí ibi tó ṣì hàn, kó máa ṣú u bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀.

Ilẹ̀ ló kàn. Èyí tí mo sábà máa ń bá nínú fọ́tò ìgbà yẹn ni kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà onígun mẹ́rin, dúdú àti funfun. Ìlà rẹ̀ máa ń sún mọ́ra bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, nítorí náà ẹ ò lè mú igun tó wà níwájú lọ fi dí ti ẹ̀yìn, ó ti tóbi jù. Ẹ ní láti fa ìlà náà yín.

Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀, ẹ kàn sọ ọ́ kọjá nínú ìtàn ni: ọmọ tó fara ti orúnkún. Tẹ́ ẹ bá yọ orúnkún, ọmọ náà ti ń ṣubú lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní nǹkan tó máa fara tì. Ìjókòó, àpótí, ohunkóhun tí kò sí nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ náà. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ni mo máa dá fún gbogbo rẹ̀, ọjọ́ méjì bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀.

Síkírá Lafíàjì
Àpótí tí ẹ dárúkọ yẹn ló jẹ́ kí n dá sí i. Mo ti ń kà yín láti òwúrọ̀.

Èmi ni ọmọ yẹn. Kì í ṣe ti inú ìtàn Àṣàkẹ́, ti ilé wa ni mò ń sọ. Ìyàwó kẹta ni ìyá mi. Ní 2009, ẹbí ṣe ìrántí bàbá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n pín kàlẹ́ńdà fún gbogbo àlejò. Mo gba tèmi, mo wá ara mi nínú fọ́tò, mo rí i. Ọmọ ọdún méjì, ó jókòó lórí àpótí. N ò jókòó lórí àpótí kankan lọ́jọ́ náà. Itan ìyá mi ni mo jókòó lé. Fọ́tò gidi wà nílé wa, láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi mú níkùn. Nínú kàlẹ́ńdà, ọwọ́ méjèèjì ti lọ. Aṣọ tí mo wọ̀ ni wọ́n fi dí i, aṣọ olódòdó, òdòdó kan náà sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìlà kan ṣoṣo.

Mo gbé e fún ìyá mi. Ó wò ó pẹ́. Ohun tó bi mí ni pé, "Ta ló ra àpótí yìí?"

Mọ́mì Bàríga
Yéè. Àǹtí Síkírá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tí mo béèrè o.

Olùkọ́ Yábàá
Síkírá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo fẹ́ padà sórí ìtàn, nítorí ó dà bíi pé ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ pa á. Àṣàkẹ́, ẹ má yọ ìka mẹ́rin yẹn. Bí kì í bá ṣe ti ìka, ìròyìn bí wọ́n ṣe ń tún fọ́tò ṣe ló kù lọ́wọ́ yín. Ta ló bìkítà bóyá oníṣẹ́ gidi lè gbàgbé ìka? Ó lè jẹ́ pé Ràṣídì ò gbàgbé. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni.

Ẹ má sì jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé fọ́tò ò tíì sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá. Ayé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ méjèèjì sórí pépà kan, Táyé àti Kẹ́hìndé á jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ẹni tó lọ fún ẹni tó kù, wọ́n á tún yà á. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, bá a ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1978. Ìyá ìbejì mọ̀ pé ọmọ ẹyọ kan ló jókòó níwájú kámẹ́rà. Bí ilé rẹ̀ ṣe yẹ kó rí ló gbé kọ́ ògiri. Kí ló wá yàtọ̀ nínú ti Àǹtí yẹn?

Síkírá Lafíàjì
Olùkọ́, ìyá mi ò kú o. Ti ìbejì, ẹni tó lọ ni wọ́n ń mú padà wá sílé. Ìyá mi wà láàyè, ó ń jẹ ẹ̀bà ní Lafíàjì, òun ni wọ́n mú jáde.

Olùkọ́ Yábàá
Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. N ò sọ pé ọ̀kan náà ni. Mo ní ọwọ́ kan náà ló ń ṣe méjèèjì, àti pé ẹni tó bá kọ ìtàn nípa ọwọ́ yẹn kò gbọdọ̀ yára dá a lẹ́bi.

Bàbá Fọ́tò Ṣómólú
Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí n ò fi gba ìka mẹ́rin gbọ́, kó má dà bí ẹni pé mo kàn ń ta kò ó. Ìka dúdú lórí agbádá funfun. Nǹkan àkọ́kọ́ tí ojú máa rí nìyẹn, òun náà lọwọ́ sì máa kọ́kọ́ yọ. Ohun tí wọ́n ń gbàgbé ni ohun dúdú tó wà níbi tó dúdú. Bàtà. Òjìji. Etí ìró.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi alára. Ará Múṣin kan ní kí n yọ ọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn àwọn tó jókòó. Mo yọ orí, mo yọ àyà, mo tún aṣọ ẹ̀yìn ṣe, ó dùn mọ́ mi, mo lọ sùn. Láàárọ̀ ìyàwó mi gbé tíì wá, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Èèyàn mélòó ló wà níbí?" Mo ní méje. Ó ní, "Kí ló dé tí bàtà fi jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?" Góńgó bàtà ọkùnrin yẹn yọ láàárín ẹsẹ̀ àga méjì. Kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń ka bàtà kí n tó gba owó tó kù.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti fọwọ́ kan fọ́tò, ẹ ṣí Curves, ibi tí wọ́n ti ń tún ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn fọ́tò ṣe, ẹ fa ìlà rẹ̀ gòkè-sọ̀kalẹ̀ títí fọ́tò á fi dúdú tá á sì funfun kọjá bó ṣe yẹ. Ibi tí wọ́n ti kùn á yàtọ̀, á dán bí ara agolo, nítorí àwọn wóró wẹ́wẹ́ tí fọ́tò àtijọ́ máa ń ní kò sí níbẹ̀ mọ́. Síkírá, òdòdó mẹ́ta tí ẹ rí lórí ìlà kan, ojú yín ti rí i láìlo Curves. Ọ̀lẹ ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Bọ̀dé Kíákíá
Ta ló ń ka bàtà lórí fóònù? Mo fara mọ́ ti agbádá, mi ò mọ ti àpò yẹn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé orí WhatsApp ni wọ́n fẹ́ fi sí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mi ṣì dúró.

Bàbá Fọ́tò Ṣómólú
Orí WhatsApp, mo gbà fún ọ. Àmọ́ Àṣàkẹ́ ní fúlẹ́sì. Fúlẹ́sì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ínṣì 96 nìyẹn. Fọ́tò ínṣì mẹ́jọ ti di ìlọ́po méjìlá. Hóró ẹ̀wà mi yẹn, tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, ó ti di méjìlá, ó sì wà lẹ́nu géètì níbi tí gbogbo ẹbí ti ń dúró ya fọ́tò.

Ọmọ Onífọ́tò
Ẹ kú àríyànjiyàn. Bàbá mi ní sítúdíò ní Èbúté Mẹ́ta kó tó di pé kọ̀ǹpútà dé, inú dáàkìrúùmù rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Mo fẹ́ gbèjà ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti Olùkọ́.

Pẹ́nsùlù àti abẹ ni bàbá mi fi ń tún ojú èèyàn ṣe, lórí négétíìfù. Òdìkejì ni gbogbo nǹkan níbẹ̀: ibi tó bá fi pẹ́nsùlù kùn, funfun ló máa jáde lórí pépà, ibi tó bá fi abẹ ha, dúdú ni. Irorẹ́ àti ojú tó wú ni wọ́n ń fi ìyẹn mú kúrò. Kò sí pẹ́nsùlù tó lè mú odidi ìyàwó lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹnìkan jáde, sísọ́ọ̀sì ni. Bàbá mi á gé e kúrò lára fọ́tò, á sún àwọn tó kù mọ́ra lórí páálí, á lẹ̀ wọ́n, á tún ya gbogbo rẹ̀ sórí négétíìfù tuntun.

Ẹ wá wò ó. Ọwọ́ tó wà lórí èjìká ẹlòmíràn, ẹ ò lè fi sísọ́ọ̀sì gé e láìgé èjìká náà. Ọwọ́ máa ń kù ni. Mo ti bá irú rẹ̀ nínú páálí àwọn fọ́tò bàbá mi: ọkùnrin kan dá dúró, ọwọ́ tí kò ní apá wà léjìká rẹ̀. Bí oníbàárà bá lówó, bàbá mi á fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín bu àwọ̀ bo ìka náà kó tó tún un yà. Bí kò bá fẹ́ sanwó yíyà kejì, orí pépà ni àwọ̀ náà máa wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ooru àti ọ̀rinrin Èkó á mú un, á pọ́n rúsúrúsú tàbí kó ṣí, ìka á sì tún jáde.

Nítorí náà, òótọ́ ni ìka mẹ́rin Àṣàkẹ́. Máòsì kọ́ ló fi í sílẹ̀ ni, sísọ́ọ̀sì ni.

Bàbá Fọ́tò Ṣómólú
Ẹni yìí mọ ohun tó ń sọ. Mo ti rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lórí síkáánà mi. Ojú lásán ò ní rí nǹkan kan, àmọ́ bí iná síkáánà bá gba orí rẹ̀ kọjá, ibi tí wọ́n ti fi àwọ̀ bò á dá yàtọ̀ bíi ká lẹ bébà mọ́ ọn.

Àṣàkẹ́ Onítàn
Ẹ dúró ná. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìka yẹn lè má jẹ́ ti ìyàwó kejì rárá. Àǹtí gbé fọ́tò wá pé kí wọ́n yọ ìyàwó kejì. Ràṣídì síkáànù rẹ̀, ó rí àwọ̀ tó ti pọ́n rúsúrúsú lórí èjìká bàbá, lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyálé. Ìka mẹ́rin wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyálé gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ti ta ni? Ẹnìkan ti jáde kúrò nínú fọ́tò yìí kí wọ́n tó bí Àǹtí pàápàá.

Bọ̀dé Kíákíá
Ó ti dùn báyìí! Èyí ni kẹ́ ẹ kọ.

Olùkọ́ Yábàá
Mo kọ̀ ọ́. Tẹ́lẹ̀, Àǹtí ló dá ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà sì wò ó lójú láti orí èjìká bàbá rẹ̀. Báyìí, ẹ ti fún un ní àwáwí. Á ní, "Ṣé ẹ rí i, wọ́n ti ń ṣe é nílé wa tipẹ́." Àdììtú yín dára sí i, àmọ́ obìnrin yẹn ti bọ́.

Ọmọ Onífọ́tò
Olùkọ́, kò bọ́ o. Ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ gan-an ló di sísọ́ọ̀sì mú.

Àṣàkẹ́ Onítàn
Mo ní láti ronú sí i. N ò tíì mọ ọwọ́ tí màá mú u.

Síkírá Lafíàjì
Bàbá Fọ́tò, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ má bínú. Ẹ lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, Ṣómólú lẹ wà. Ṣómólú ni wọ́n ti tẹ kàlẹ́ńdà ilé wa. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é?

Bàbá Fọ́tò Ṣómólú
Ìbéèrè tí mo ti ń retí láti àná nìyẹn. N ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Mo ti yọ àwọn èèyàn kúrò nínú fọ́tò tí n ò béèrè orúkọ wọn. Ní 2009 mi ò tíì máa dá síkáànù tí n kò fọwọ́ kàn padà fún oníbàárà, owó mi nìkan ni mò ń gbà. Ó pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní méjèèjì.

Àpótí náà ńkọ́? Irú àpótí wo ni? Mo ya àpótí onígi kan ní ẹ̀yìnkùlé ìyá mi nígbà kan, mo sì lò ó nínú fọ́tò tó lé ní mẹ́wàá, ibikíbi tí ọmọdé bá ti pàdánù itan. Igun rẹ̀ kan là, lápá òsì. Bí igun yẹn bá là, tèmi ni.

Síkírá Lafíàjì
Àpótí onígi ni. N ò wo igun rẹ̀ rí. Ilé ẹbí ni kàlẹ́ńdà wà, n kì í lọ síbẹ̀ mọ́, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi kan lè bá mi yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Bàbá Fọ́tò Ṣómólú
Fọ́tò gidi tí ẹ ní ó wà nílé ńkọ́? Màá síkáànù rẹ̀ fún yín, n ò ní gba kọ́bọ̀, n ò sì ní fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀. Kódà eruku rẹ̀, màá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Síkírá Lafíàjì
Ó wà ní yàrá ìyá mi, nínú férémù. Mo gbìyànjú láti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò jáde. Ojú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, lápá ibi tí ìyá mi wà gan-an.

Bàbá Fọ́tò Ṣómólú
Ẹ má fà á mọ́! Ẹ jọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá fà á, àwòrán á ṣí kúrò lára pépà, á dúró sára gíláàsì, kò sí ẹni tó máa lè dá a padà. Ẹ má ki ọ̀bẹ bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ bọ omi. Ẹ fi aṣọ wé e pẹ̀lú férémù rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e wá bó ṣe wà. Láti ojú gíláàsì ni màá ti gbé e. Kẹ́ ẹ sì mú kàlẹ́ńdà yẹn dání.

Síkírá Lafíàjì
Ọjọ́ Sátidé. Ìyá mi ní òun náà ń bọ̀.